Ọwọ́ Òsì Télọ̀ Àkànó

Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé ọwọ́ ọ̀tún ni télọ̀ fi ń ṣiṣẹ́, ẹ bá mi bi í bóyá ó ti gé aṣọ rí. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń di àlùmọ́gàjí mú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ló ń tẹ́ aṣọ, òun ló ń nà án, òun ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì kí ó má baà sún. Lára ẹ̀gbọ́n mi, Mùtàlíbù, ni mo ti mọ èyí. Télọ̀ Àkànó ni wọ́n ń pè é ní ibùdókọ̀ Òṣogbo, èyí tí wọ́n ń pè ní Old Garage. Èmi Raliat, àbúrò rẹ̀, mo ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn tí ojú mi kò tó.

Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun tẹ́ aṣọ. Bí oníbàárà bá gbé gínì funfun dé, yóò kọ́kọ́ fọ ọwọ́, yóò nù ún gbẹ, yóò wá fi àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ gbá aṣọ náà lọ láti etí kan dé èkejì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ ò fọwọ́ pa Sikirat lórí báyìí rí o." Sikirat ni ìyàwó rẹ̀. Yóò dá mi lóhùn pé Sikirat kì í ṣe gínì.

Ó kù díẹ̀ kí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó fi kókó kan hàn mí ní àtẹ́lẹwọ́ òsì yẹn, nísàlẹ̀ ìka òrùka. Kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ. Ó le, kò ṣeé tì síhìn-ín tì sọ́hùn-ún, awọ tó bò ó sì wọnú díẹ̀, bí aṣọ tí òwú fà wọlé. Mo bi í bóyá ó ń dùn ún. Ó ní kò dun òun rárá. Ó ní ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni, pé ọwọ́ ọ̀lẹ nìkan ló ń jọ̀lọ̀. Ó mú bíléèdì, ó fá a bí wọ́n ti ń fá awọ líle ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yọ, kókó kò lọ.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í nà láti ibi kókó yẹn lọ sí ìka òrùka lábẹ́ awọ, ó le gbandi bí okùn tí a fà. Ìka náà kò nà tán mọ́. Ó lè ká a, ó lè di ìkúùkù, agbára rẹ̀ pé. Nínà ni kò lè nà á. Èmi fúnra mi fi ọwọ́ méjèèjì fà á lọ́jọ́ kan, kò yẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ ta bọ́tìnnì mi.

N kò rẹ́rìn-ín ní tèmi, nítorí mo ti rí irú rẹ̀ rí. Bàbá wa kú pẹ̀lú ìka méjì tó ká mọ́ àtẹ́lẹwọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, aháwọ́ ni àwọn ará àdúgbò ń pè é lẹ́yìn, wọ́n ní ahun ló ká a lọ́wọ́. Bàbá tó jẹ́ pé yóò yọ ẹran inú àwo rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Inú ṣì ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yẹn di òní olónìí.

Sikirat ló kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀. Ó gbọ́ nípa bàbá kan ní Ìpẹrindó nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Bàbá Béjidé, tí ó ń to eegun tó bá yẹ̀. A jọ lọ síbẹ̀. Bàbá náà jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́. Ó fi òrí gbígbóná pa ọwọ́ náà, ó fi àtàǹpàkò wá okùn inú rẹ̀ lọ wá bọ̀, ó wá mi orí. Ó ní, "Uṣan ni, ọmọ mi. Uṣan ọwọ́ rẹ ló sún kì." Bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe iṣan nìyẹn. Ó fa ìka náà títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀gbọ́n mi, ó dè é mọ́ igi pẹlẹbẹ, ó ní kí ó sùn pẹ̀lú rẹ̀. A lọ, a bọ̀, òrí tán nínú igbá. Ọwọ́ náà wú, ìka kò nà. Ohun kan ṣoṣo tí a gbé bọ̀ láti Ìpẹrindó ni ọ̀rọ̀ yẹn, iṣan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ìka tó ká yẹn ń gbé aṣọ sókè níbi tí ó yẹ kí ó ti tẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá fi ọwọ́ gbá aṣọ lọ, ìka yóò kọ́ ọ, yóò wọ́ ọ tẹ̀lé ara rẹ̀. Àgbà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní réluwéè, Ọ̀gbẹ́ni Awóníyì, gbé gínì tí yóò fi rán agbádá wá. Mo ń wò ó láti ìdí ìsọ̀ mi bí àlùmọ́gàjí ṣe ń lọ. Aṣọ sún lábẹ́ ọwọ́, àlùmọ́gàjí gba ibi tí kò yẹ, ó la ibi ọrùn kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi dúró, ó gbé àlùmọ́gàjí kalẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ òsì rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tó jalè. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí, ẹ̀rù bà mí.

Ọ̀gbẹ́ni Awóníyì kò bínú tó bí a ti rò. Òun náà ló sọ fún wa pé dókítà òyìnbó kan wà ní ọsibítù kan ní Iléṣà, kí a lọ fi ọwọ́ náà hàn án. A wọ mọ́tò lọ. Dókítà náà kò pẹ́ lórí ọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ tẹ kókó, ó fọwọ́ tọ okùn náà dé ìdí ìka, ó wá ní kí ẹ̀gbọ́n mi da àtẹ́lẹwọ́ dé orí tábìlì kí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ kò tẹ́. Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ọwọ́ náà, ó sì rí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé láti òdìkejì. Ó bá ògbùfọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ògbùfọ̀ ní, "Dókítà ní ká ní kókó lásán ni, wọn ì bá kàn ní kí ẹ máa ṣọ́ ọ ni. Ẹlòmíràn ń gbé kókó bẹ́ẹ̀ kú, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò bá ti tẹ́ sórí tábìlì mọ́, àsìkò ti tó kí dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọwọ́ rí i. Ọ̀kan wà ní Ìbàdàn. Wọn óò kọ̀wé fún yín lọ síbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kí ni oníyẹn yóò ṣe sí i?"

Ògbùfọ̀ bi dókítà, ó sì yí padà sí wa. Ó ní, "Wọn óò la ọwọ́ yín, wọn óò gé iṣan tó sún kì yẹn kúrò."

Mo rí i bí ojú ẹ̀gbọ́n mi ṣe yí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Àbúrò bàbá wa kan wà tí àdá gé ní iṣan ọwọ́ lóko. Ọgbẹ́ rẹ̀ jinná, ṣùgbọ́n ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé lò mọ́ láyé. Ó ń so rọ̀ lára ọwọ́ ni, àwọn ọmọdé ń gbọ̀n ọ́n ṣeré. Gbogbo ilé wa ló mọ̀ pé iṣan tí a bá gé, ìka rẹ̀ ti kú. Dókítà ṣì ń kọ̀wé lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dìde, tí ó dúpẹ́, tí ó jáde.

Mo sáré tẹ̀ lé e. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo tún bẹ̀ ẹ́. Nínú mọ́tò, ó gbé ọwọ́ náà sórí itan, ó ní, "Raliat, ìka tó ká sàn ju ìka tó kú lọ. Èyí ṣì ń di nǹkan mú." Ká sọ òótọ́, èmi náà gbà pé iṣan ni.

Láti ìgbà náà, a ò dárúkọ Ìbàdàn mọ́. Ogun parí, owó yí padà di náírà, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ń ká lọ díẹ̀díẹ̀. Kò yára, ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀, nítorí ohun tí kò bá yára kì í lé èèyàn dìde. Ìka òrùka ká sí i. Lẹ́yìn náà ni ọmọńdinrín tẹ̀ lé e, èyí sì ká ju ti àkọ́kọ́ lọ, oríkèé àárín rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ. Ọwọ́ kò wọ àpò ṣòkòtò mọ́. Bí ó bá foríkanlẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, gbogbo ọwọ́ yòókù á tẹ́ sórí ẹní, tirẹ̀ á dúró lórí oríkèé. Sikirat ló wá ń bá a tẹ́ aṣọ. Ẹni tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà, ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń sọ fún ìyàwó pé, "Fà á síbí. Rárá, síbí." Sikirat yóò fà á jẹ́jẹ́. Obìnrin náà ní sùúrù ju èmi lọ.

Ẹnu ayé kò sì sinmi. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lábẹ́lẹ̀ pé ẹ̀tẹ̀ ni. Ẹ̀tẹ̀ a máa ká ìka lóòótọ́, ẹni tó ti rí i rí mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ àwọn èèyàn létí. Oníbàárà méjì wá gbé aṣọ wọn lọ láìtíì gé e. Lọ́jọ́ tí ẹ̀kẹta dé, ẹ̀gbọ́n mi ní kí ó jókòó. Ó fa abẹ́rẹ́ yọ láti àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó fi gún àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan lójú oníbàárà náà, ara ẹ̀gbọ́n mi sì ń gbọ̀n bí abẹ́rẹ́ ti ń wọlé. Ó ní, "Ṣé adẹ́tẹ̀ máa ń mọ̀ ọ́n lára báyìí?" Ìtìjú bá ọkùnrin náà, ó fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀jẹ̀ ní orí ìka wọ̀nyẹn, mo wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, mo sunkún.

Àlùwàlá ló wá mú ọ̀rọ̀ náà dé góńgó. Ó ń ṣe àlùwàlá ìrun àsùbáà, ó bu omi bọjú, ọmọńdinrín tó ká yẹn sì gún un lójú. Èékánná ha ẹyinjú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ojú ti pọ́n, kò ṣeé là. A gbé e lọ sí ọsibítù ní Òṣogbo. Nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Phebe fọ ojú náà, ó kán oògùn sí i, ó fi báńdéèjì bò ó. Ó wá bèèrè ohun tó ha á. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ sókè.

Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ẹ ò fi èyí han dókítà rí?"

Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, "Ẹ bá wa bi í léèrè. Wọ́n fẹ́ gé iṣan rẹ̀ ní Ìbàdàn, ó ní òun kò ṣe. Ní báyìí, kò ní ọwọ́, kò sì ní í pẹ́ tí kò ní ní ojú."

Ẹ̀gbọ́n mi yí ojú kan tó kù sí mi. Mo ní kí ó máa wò mí lọ. Nọ́ọ̀sì Phebe kò bá wa dá sí ìjà. Ó kàn ní ọmọ Yorùbá ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọwọ́ ní Ìbàdàn, pé bàbá lè fi ẹnu ara rẹ̀ bi í, kò sẹ́ni tí yóò fi tipátipá gé èèyàn. Ó jọ pé ìyẹn ló wọ̀ ọ́ lára, pé òun lè bèèrè láìsí ògbùfọ̀. Nígbà tí ojú jinná, ó ní kí n bá òun lọ.

Dókítà Bándélé kò tíì dàgbà púpọ̀. Ó wo ọwọ́ náà pẹ́, ó tún da ọ̀tún wò pẹ̀lú. Ó bèèrè bóyá ẹnì kan nínú ẹbí wa ní irú rẹ̀, mo sọ ti bàbá wa. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ àṣejù ló fà á, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Dókítà, ẹ dákun. Ṣé ẹ óò gé iṣan mi?"

"Ta ló sọ pé iṣan ni, bàbá?"

"Òun ni gbogbo èèyàn ń sọ."

Dókítà bọ́ kóòtù tó wọ̀, ó yí inú rẹ̀ síta, ó nà án sí i. Ó ní, "Wọ́n ní télọ̀ ni yín. Kí ni èyí?"

"Láínì ni."

"Bí láínì bá sún kì nínú omi ńkọ́?"

"Aṣọ ìta á ká. Kò ní jókòó lára ẹni mọ́."

"Ṣé ẹ óò gé apá kóòtù nítorí ìyẹn?"

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. Ó ní, "Mo ya wèrè ni? Láínì ni màá tú."

Dókítà ní, "Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn. Láínì kan wà lábẹ́ awọ àtẹ́lẹwọ́ gbogbo wa. Tiyín ló nípọn, tó sún kì, tó ń fa ìka wọlé. Ìdí nìyẹn tí òrí pípa àti fífà kò fi lè nà án. Iṣan tó ń ká ìka wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀, ara rẹ̀ sì le. N kò ní gé e. Màá ṣọ́ra fún un ni."

Ní ọkàn mi, mo bú ògbùfọ̀ Iléṣà yẹn dé ìran baba rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀bi rẹ̀? Iṣan ni ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan ni ohun tó ń fa ìka, iṣan ni ohunkóhun tó bá gùn tó sì le lábẹ́ awọ wa. Bàbá Béjidé kò purọ́, ògbùfọ̀ kò purọ́. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sílẹ̀ nígbà tí ó tún bèèrè.

"Bí mo bá ti wá nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí n wá ńkọ́?"

Dókítà tún gbé ọwọ́ náà wò. Ó ní, "Bàbá, bí ẹ ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi, ìka òrùka nìkan ló ká nígbà yẹn, ìdí rẹ̀ ló sì ti ká. Oríkèé ìdí ìka máa ń nà padà dáadáa. Oríkèé àárín kì í dárí jini. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká pẹ́nrẹ́n, kò yẹ kéèyàn dúró mọ́, nítorí bó bá pẹ́, oríkèé fúnra rẹ̀ á gan. Màá tú ìka òrùka yín. Ọmọńdinrín, màá gbìyànjú, ṣùgbọ́n n kò lè ṣèlérí pé yóò nà tán. Bẹ́ẹ̀ náà ló lè padà wá lọ́jọ́ iwájú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó gbà."

Ó gbà. Wọ́n ṣe é. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, ẹ̀gbọ́n mi gbàgbé ìrora, ó ń yẹ rírán wọn wò. Wọn kò rán an ní tààrà. Kọ́lọkọ̀lọ ni ojú abẹ náà gbà láti àtẹ́lẹwọ́ dé ìka. Ó bi wọ́n ní ìdí rẹ̀, wọ́n ní bí àpá bá gùn tààrà lórí ìka, òun náà á sún kì, á sì tún fà á wọlé. Ó ní télọ̀ gidi ni wọ́n. Wọ́n fún un ní igi pẹlẹbẹ tí yóò máa dè mọ́ ọwọ́ sùn fún oṣù mélòó kan, wọ́n kọ́ ọ bí yóò ṣe máa ká ìka, tí yóò máa nà án lójoojúmọ́. Ó ṣe é, ó ń kùn, Sikirat sì ń ṣọ́ ọ.

Ìka òrùka nà. Ọmọńdinrín dé ìdajì, ó dúró síbẹ̀. Ní àárọ̀ tí ó kọ́kọ́ padà sí ìdí tábìlì, mo fi ìsọ̀ mi sílẹ̀ láti wò ó. Ó fọ ọwọ́, ó nù ún, ó tẹ́ aṣọ, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lọ. Aṣọ tẹ́ títí ó fi kù díẹ̀ kó dé etí, ọmọńdinrín sì kọ́ ọ. Ó tún ìyẹn ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá pe Sikirat pé kí ó wá di etí ibẹ̀ mú fún òun. Ó ń gé ṣòkòtò àti bùbá fúnra rẹ̀ láti ìgbà náà, èyí tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀. Agbádá funfun, ọwọ́ mẹ́ta ló ń gé e: méjì tirẹ̀, ọ̀kan ti ìyàwó. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, inú mi kò sì dùn. Èmi mọ bí ọwọ́ yẹn ṣe rí kó tó ká.

Lọ́dún tó kọjá ni mo rí kókó ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ àlùmọ́gàjí, nígbà tí ó nawọ́ gba òwú lọ́wọ́ mi. Mo gbá ọwọ́ náà mú. Ó ní òun ti rí i láti ìgbà ààwẹ̀, kí n má ṣe ariwo, pé kókó lásán ṣì ni, ọwọ́ ṣì ń tẹ́. A ò tún sọ ọ́ mọ́.

Ní Ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo dé ìsọ̀, mo bá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní títì. Sikirat jókòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìdì aṣọ ńlá lórí itan.

Mo ní, "Bọ̀dá dà?"

Ó ní, "Wọ́n ti wọ mọ́tò Ìbàdàn nítorí ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n ní kí n bá wọn kó aṣọ àwọn oníbàárà lọ fún Mùíbì."

Mùíbì ni télọ̀ tó wà lójú ọ̀nà kejì. Láti ogún ọdún tí wọ́n ti jọ ń ránṣọ ní ìlú yìí, ẹ̀gbọ́n mi kò gbà rí pé Mùíbì mọ abẹ́rẹ́ dì mú. Mo bi Sikirat bóyá gbogbo aṣọ náà ni. Ó ní gbogbo rẹ̀ ni, títí kan gínì funfun. Mo bá a gbé ìdì náà rù, a sì jọ kó o lọ sí ọ̀dọ̀ Mùíbì.